Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta Kọ́ Ni Ẹ̀ẹ́dẹ́gbàáta: Akápò Ẹbí àti Àkọsílẹ̀ Owó Ìdájọ

Bí ẹbí bá ti ní nǹkan ṣe, àkọsílẹ̀ owó a bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lórí Wọ́ọ̀tsáàpù. Ẹnì kan á kọ orúkọ rẹ̀ àti iye tó san. Ẹni tó tẹ̀lé e á da gbogbo rẹ̀ kọ, á fi tirẹ̀ sí ìsàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì máa gùn lọ. Kò sí ẹni tó pàṣẹ bí a ṣe gbọ́dọ̀ kọ iye owó. Ẹni tó wà ní Èkó kọ 50k, ẹni tó wà ní Òṣogbo kọ 20,000, ìyá kan sì kọ 5 péré, ó dá a lójú pé kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé ẹgbẹ̀rún márùn-ún ni òun ń wí. Níwọ̀n ìgbà tó bá jẹ́ ojú lásán ni a fi ń kà á, kò sí wàhálà. Wàhálà dé lọ́jọ́ tí akápò bá jókòó láti ro gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú ilé ẹbí kan ní Ìfọ́n-Ọ̀ṣun, tí wọ́n fẹ́ pààrọ̀ páànù òrùlé rẹ̀. Ìfọ́n ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Orólù, Ìlobùú sì ni alámùúlégbè rẹ̀ tímọ́tímọ́; ọ̀nà Òṣogbo sí Ògbómọ̀ṣọ́ ló so wọ́n pọ̀. Ọmọ irú ilé bẹ́ẹ̀ a máa wà nítòsí, a sì máa wà lókèèrè. Èmi ni mo to àkọsílẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ yìí fún àlàyé, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti dá owó ẹbí rí yóò mọ gbogbo àwọn tó wà nínú rẹ̀:

```
Bọ̀dá Èkó        50k
Àǹtí Òṣogbo      20,000
Ẹ̀gbọ́n Ìlobùú     7,500
Ìyá Ìbejì        5
Bàbá Ìlọrin      2.5k
Àbúrò Ìbàdàn     1500
Àǹtí Kútọnu      12.500
Ìyá Ẹlẹ́kọ        500
```

Ènìyàn mẹ́jọ péré ni. Kí ẹ tó ka ìyókù, ẹ fi ojú ro ó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á sọ pé ó tó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún náírà, òtítọ́ sì ni wọ́n sọ. Ẹ wá gbé ẹ̀rọ ìṣírò orí fóònù yín, kí ẹ tẹ àwọn fígọ̀ náà sínú rẹ̀ bí a ṣe kọ wọ́n, kí ẹ fi k sílẹ̀ nítorí pé ẹ̀rọ náà kò ní bọ́tìnnì k. Ohun tí yóò mú jáde ni 29,570. Ó lé ní ìdá méjì nínú mẹ́ta owó náà tó ti pòórá, kò sì sí olè tó wọlé.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ìwọ̀n méjì ni a lò nínú àkọsílẹ̀ kan ṣoṣo. Nínú ìwọ̀n kìíní, náírà kọ̀ọ̀kan ni a ń kà: 20,000 jẹ́ náírà ọ̀kẹ́ kan, 1500 jẹ́ náírà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ. Nínú ìwọ̀n kejì, ẹgbẹ̀rún ni a ń kà: 50k jẹ́ ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta. Lẹ́tà k yìí kì í ṣe àlejò sí wa. Òun ló wà nínú kílómítà, tí í ṣe ẹgbẹ̀rún mítà, òun náà ló sì wà nínú kílógíráàmù. Èdè Gíríìkì ni gbòǹgbò rẹ̀, àwọn Faransé ló sì sọ ọ́ di ìwọ̀n ní òpin ọ̀rúndún kejìdínlógún. Bí k bá wà nídìí fígọ̀, ó ti jẹ́wọ́ irú ìwọ̀n tó jẹ́. Fígọ̀ tó ń ṣòro ni èyí tó wà ní ìwọ̀n ẹgbẹ̀rún tí kò jẹ́wọ́, irú bí 5 ti Ìyá Ìbejì.

Àwọn baba wa náà lo ìwọ̀n oríṣiríṣi nínú owó ẹyọ. Ogójì ẹyọ ni wọ́n ń sín pọ̀ sórí okùn kan. Àádọ́ta irú okùn bẹ́ẹ̀ ló di ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá ló sì di ọ̀kẹ́ kan, tí í ṣe ẹyọ 20,000. Ìwọ̀n mẹ́ta nìyẹn nínú ọjà kan náà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò sọ pé òun san “márùn-ún” kí ó sì dákẹ́. Orúkọ ìwọ̀n náà ń bá iye rìn: ọ̀kẹ́ márùn-ún yàtọ̀ sí ẹgbàá márùn-ún, etí sì gbọ́ ọ. Kódà nígbà tí a bá ka iye owó lẹ́kùn-ún rẹ́rẹ́ ní Yorùbá, ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ló ń sọ bí owó ṣe tó. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ni 500, ìyẹn ẹgbẹ̀ta tí a yọ ọgọ́rùn-ún nínú rẹ̀. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbàáta ni 5,000, ìyẹn ẹgbàáta tí a yọ ẹgbẹ̀rún nínú rẹ̀. Ìró kékeré ló yà wọ́n sọ́tọ̀, ó sì tó. Fígọ̀ tí a kọ sórí fóònù ni kò ní irú ìró bẹ́ẹ̀.

Irú ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí gbogbo orílẹ̀-èdè yìí lẹ́ẹ̀kan. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973 ni Nàìjíríà fi pọ́ọ̀n sílẹ̀ tó bọ́ sí náírà, pọ́ọ̀n kan sì di náírà méjì. Ìwé àjọ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1972 tó sì parí ní 1973 kò ṣeé ro pọ̀ láìjẹ́ pé a kọ́kọ́ sọ gbogbo rẹ̀ di owó kan. Ṣílè ogún ló wà nínú pọ́ọ̀n, nítorí náà ṣílè kan di kọ́bọ̀ mẹ́wàá. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi ń pe kọ́bọ̀ mẹ́wàá ní ṣílè kan fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé àmì owó méjèèjì yàtọ̀ síra lójú ìwé. Akápò ìgbà náà rí i pé owó méjì ni òun ń bá ṣe. Akápò òde òní kò rí i.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà láti ro irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa: ẹ sọ gbogbo rẹ̀ di ìwọ̀n kan kí ẹ tó fi ohunkóhun kún ohunkóhun. Náírà kọ̀ọ̀kan ni mo fara mọ́, kì í ṣe ẹgbẹ̀rún. Ẹni tó bá sọ gbogbo rẹ̀ di ẹgbẹ̀rún yóò kọ 7.5 fún Ẹ̀gbọ́n Ìlobùú, kò burú. Ṣùgbọ́n tó bá dé ọ̀dọ̀ Ìyá Ẹlẹ́kọ, yóò kọ 0.5, ọwọ́ rẹ̀ yóò sì máa yún ún láti sọ ọ́ di 1 tàbí kí ó yọ ọ́ kúrò. Ẹni tó ta ẹ̀kọ kó tó rí náírà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta mú wá fẹ́ rí i nínú àkọsílẹ̀ bó ṣe jẹ́ gan-an.

Ẹ fa òpó mẹ́ta sínú ìwé. Nínú òpó kìíní, ẹ kọ ohun tí ẹni náà kọ, láìtún un ṣe rárá. Nínú òpó kejì, ẹ kọ iye rẹ̀ ní náírà. Nínú òpó kẹta, ẹ kọ iye tí álẹ́ẹ̀tì báńkì sọ, pẹ̀lú ọjọ́ tó wọlé. Ẹ má ṣe pa òpó kìíní rẹ́ láé, nítorí pé bí ẹnikẹ́ni bá bi yín lẹ́yìn oṣù méjì pé báwo ni 5 ṣe di 5,000, ibẹ̀ ni ìdáhùn wà. Bí òpó kejì bá ti pé, ẹ rò ó pọ̀:

```
50k       50,000
20,000    20,000
7,500      7,500
5          5,000
2.5k       2,500
1500       1,500
12.500    12,500
500          500
          ------
          99,500
```

Ọ̀nà mìíràn wà tí ẹ lè fi yẹ̀ ẹ́ wò láìtún gba ojú ọ̀nà kan náà. Ẹ kó àwọn tó wà ní ìwọ̀n ẹgbẹ̀rún jọ sí apá kan: 50, 5, 2.5 àti 12.5. Àádọ́rin ni gbogbo wọn, ìyẹn 70,000. Ẹ kó àwọn tó wà ní náírà kọ̀ọ̀kan jọ sí apá kejì: 20,000, 7,500, 1,500 àti 500. Gbogbo wọn jẹ́ 29,500. Ẹ wá so méjèèjì pọ̀, 99,500 náà ni. Mo fẹ́ràn ìyẹ̀wò yìí nítorí pé ó ń fi ipá mú akápò láti pinnu apá tí fígọ̀ kọ̀ọ̀kan wà. Kò sí bí yóò ṣe fò wọ́n dá.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ tó ń ka ìwé ìròyìn yìí ni yóò sọ pé àwọn kò ní fi ọwọ́ ṣe é, pé Google Sheets tàbí Excel wà. Ó dára. Ẹ kó àwọn orúkọ sí òpó A, kí ẹ kó iye owó sí òpó B láti ìlà kejì dé ìlà kẹsàn-án, kí ẹ sì kọ èyí sí ìsàlẹ̀:

```
=SUM(B2:B9)
```

Ìdáhùn rẹ̀ ni 29,517.5. Kò kígbe, kò fi àmì pupa hàn. Ìdí ni pé lójú kọ̀ǹpútà, 50k kì í ṣe iye. Ọ̀rọ̀ ni, bí orúkọ ènìyàn. SUM a sì máa fo ọ̀rọ̀ dá nígbà tó bá ń ro àwọn àpótí pọ̀, láìwí fún ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá kọ B2+B3 dípò SUM, yóò kọ̀, yóò fi `#VALUE!` hàn yín. Inú mi máa ń dùn sí ìkọ̀sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ju ìdákẹ́jẹ́ SUM lọ. Ẹ óò mọ àwọn àpótí tó jẹ́ ọ̀rọ̀ bí ẹ bá wo ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n fara tì: bí ẹ kò bá tí ì fọwọ́ kan ètò rẹ̀, iye a máa fara ti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ọ̀rọ̀ a sì máa fara ti ẹ̀gbẹ́ òsì. Bí àkọsílẹ̀ bá gùn, ojú lè tàn yín, nítorí náà ẹ lo ìkà méjì yìí:

```
=COUNTA(B2:B9)
=COUNT(B2:B9)
```

Èyí àkọ́kọ́ ń ka àpótí tí nǹkan wà nínú rẹ̀, yóò sì sọ 8. Èkejì ń ka àpótí tó jẹ́ iye nìkan, yóò sì sọ 6. Ẹni méjì ti sọnù nínú ìṣirò, Bọ̀dá Èkó àti Bàbá Ìlọrin. Kí ẹ tó lè mú wọn padà, ẹ kọ èyí sí C2, kí ẹ sì fà á dé C9:

```
=IF(RIGHT(B2)="k",LEFT(B2,LEN(B2)-1)*1000,B2)
```

Ohun tó ń sọ rọrùn. Bí ohun tó gbẹ̀yìn nínú àpótí náà bá jẹ́ k, gé k kúrò, kí o sọ ìyókù di ìlọ́po ẹgbẹ̀rún. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, fi sílẹ̀ bó ṣe wà. Ó mọ k ńlá, ó mọ k kékeré. Bí ẹnì kan bá fi àyè sílẹ̀ lẹ́yìn k, kò ní mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ìkà méjèèjì tó wà lókè yìí, tí ẹ bá tún wọn ṣe lórí òpó C, yóò tú àṣírí rẹ̀.

Ibi tí ó ti ń tan àwọn tó gbójú lé kọ̀ǹpútà nìyí. Ẹ ro òpó C pọ̀ báyìí. Àpótí mẹ́jọ, iye mẹ́jọ, kò sí ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀ mọ́, ìdáhùn sì jẹ́ 82,017.5. Kò tíì pé síbẹ̀. Náírà mẹ́tàdínlógún àti ààbọ̀ tó wà ní ìdí rẹ̀ ni kí ẹ fura sí, nítorí pé kò sí ọmọ ilé tó fi náírà mẹ́tàdínlógún àti ààbọ̀ ránṣẹ́. 5 ti Ìyá Ìbejì ló jẹ́ márùn-ún, 12.500 ti Àǹtí Kútọnu ló sì jẹ́ ìyókù.

Ọ̀rọ̀ ti Àǹtí Kútọnu yẹ fún àlàyé díẹ̀. Àmì ìdánudúró ló fi pín ẹgbẹ̀rún, kò lo kọ́mà. Ní ilẹ̀ tí wọ́n ti ń fi èdè Faransé kàwé, kọ́mà ni wọ́n fi ń ya odindi sọ́tọ̀ kúrò lára ìdá, àyè kékeré tàbí àmì ìdánudúró sì ni wọ́n fi ń pín ẹgbẹ̀rún. Òdìkejì tiwa gan-an ni. Lójú tirẹ̀, ó kọ ọ̀kẹ́ kan tó dín ẹ̀ẹ́dẹ́gbàárin àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, kò sì ṣàṣìṣe kankan; lójú kọ̀ǹpútà tí a tò fún Nàìjíríà, méjìlá àti ààbọ̀ ló kọ. Àmì tí ẹ lè fi dá irú rẹ̀ mọ̀ ni òdo tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ kọ ẹgbẹ̀rún méjìlá àti ààbọ̀ ní ìkékúrú yóò kọ 12.5; kò ní fi òdo méjì dààmú ara rẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́ta gbáko lẹ́yìn àmì ìdánudúró máa ń jẹ́ ẹgbẹ̀rún tí a pín. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà lè ti pa àwọn òdo náà jẹ kí ẹ tó rí wọn, yóò sì fi 12.5 nìkan hàn yín. Ìdí mìíràn nìyẹn tí àkọsílẹ̀ orí Wọ́ọ̀tsáàpù fi gbọ́dọ̀ wà nípamọ́ bó ṣe wà.

Àwọn kan ti dá ọgbọ́n kan: wọ́n ní ohunkóhun tí kò bá tó ẹgbẹ̀rún, kí a sọ ọ́ di ìlọ́po ẹgbẹ̀rún. Ọgbọ́n náà yóò tún 5 ṣe, yóò tún 12.5 ṣe, yóò sì sọ Ìyá Ẹlẹ́kọ di ẹni tó dá ìdajì mílíọ̀nù náírà. Àpapọ̀ yóò di 599,000. Ẹbí yóò pe àwọn káfíńtà, wọn yóò sọ páànù ògbólógbòó kalẹ̀, owó tó wà ní báńkì kò sì ní ju 99,500 lọ. Ilé tí òrùlé rẹ̀ ti ṣí nígbà òjò ni àṣìṣe yìí ń bí, àti akápò tí gbogbo ẹbí ń bi léèrè ibi tó kó ìyókù pamọ́ sí.

Bí a bá fi ojú lásán wò ó, 500 lè jẹ́ náírà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, ó sì lè jẹ́ ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Kò sí òfin ìṣirò tó lè dá a lẹ́jọ́. Ohun tó ń dá a lẹ́jọ́ wà lóde àkọsílẹ̀ náà. Álẹ́ẹ̀tì báńkì ni ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́. Ẹni tó fi ọwọ́ san án ni ẹlẹ́rìí kejì, ẹ sì gbọ́dọ̀ bi í. “Ẹ kú àdúrótì o, Mà. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún ni mo rí lọ́dọ̀ mi, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?” Ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kò bu ẹnikẹ́ni kù, nítorí pé iye tí ẹ rò ni ẹ sọ fún un, kò di dandan kí ó máa ṣàlàyé ara rẹ̀. Ẹ bi í ní ìkọ̀kọ̀, kì í ṣe lójú gbogbo ẹbí. Fún ẹni tó ṣe ìlérí tí kò tíì san, kò sí álẹ́ẹ̀tì. Ẹ jẹ́ kí tirẹ̀ wà lọ́tọ̀ pátápátá títí tí yóò fi wọlé.

Bí ẹ bá ń lo álẹ́ẹ̀tì, iye tí ó sọ pé ó wọlé ni kí ẹ fi wé òpó kejì lọ́kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe owó tó ṣẹ́kù nínú àpò báńkì. Báńkì lè ti yọ owó kéékèèké tirẹ̀. Bí àpò náà bá fi náírà díẹ̀ kéré sí 99,500, ẹ wo àwọn ohun tí báńkì yọ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tí kò san. Ṣùgbọ́n bí ìyàtọ̀ náà bá jẹ́ 4,995, ẹnì kan kọ 5, ẹ sì kà á sí náírà márùn-ún. Bí ó bá jẹ́ 49,950, 50 ni ẹ wá lọ. Irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀, tí ẹ bá fi 999 pín in, yóò fún yín ní fígọ̀ tí ẹ kà ní ìwọ̀n tí kì í ṣe tirẹ̀: 4,995 pín sí 999 jẹ́ 5. Ìdí ni pé ohun tó yẹ kó jẹ́ ẹgbẹ̀rún ni ẹ kà sí ẹyọ kan, ohun tó sì sọnù jẹ́ ẹgbẹ̀rún tó dín kan. Kódà bó bá jẹ́ ẹni méjì ló wà níbẹ̀, 999 yóò pín in dọ́gba. Àpapọ̀ fígọ̀ àwọn méjèèjì ni yóò fún yín. Nínú àpẹẹrẹ wa, 99,500 fi 17,482.5 ju 82,017.5 lọ. Ẹ fi 999 pín in: 17.5 ló jẹ́, ìyẹn 5 àti 12.5.

Nínú ìwé ìṣirò àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá, ẹ óò rí ₦'000 tí wọ́n kọ sí orí òpó. Ó túmọ̀ sí pé gbogbo fígọ̀ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ̀rún, láìyọ ẹnìkan sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n sọ ọ́, ó sì mú gbogbo òpó náà. Àkọsílẹ̀ ẹbí lè ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Kí akápò tó gbé e jáde, kí ó kọ ìlà kan sókè: “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ iye owó ní kíkún, láìlo k, láìlo kọ́mà tàbí àmì ìdánudúró.” Ìlà tó lágbára jù ìyẹn lọ ni ti ẹni àkọ́kọ́ tó san owó. Àwọn ènìyàn kì í ka àṣẹ tó wà lókè, wọ́n ń wo ohun tí ẹni tó ṣíwájú wọn kọ. Bí Bọ̀dá Èkó bá kọ 50000, ó ṣòro kí ẹni tó tẹ̀lé e kọ 20k. Nítorí náà, kí akápò fi tirẹ̀ sí i ṣáájú gbogbo ènìyàn, ní kíkún.